Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Àkọsílẹ̀ Kírẹ́dítì Yín Láti Nàìjíríà Dé Amẹ́ríkà

Ọdún 2014 ni mo dé Houston. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń yáwó lọ́wọ́ báńkì ní Ìbàdàn kí n tó wá, n kò sì jẹ́ kí oṣù kan yẹ̀ rí. Mo gba lẹ́tà lọ́wọ́ máníjà mi, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, mo sì gbé e lọ sí báńkì kan níbí pé kí wọ́n fún mi ní káàdì kírẹ́dítì, èyí tí èèyàn fi ń ná owó báńkì kó tó san án padà. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn kà á láti òkè délẹ̀. Ó ní ìwé náà dára, àmọ́ kò sí ibi tí òun lè tẹ̀ ẹ́ sí nínú kọ̀ǹpútà òun. Bí ẹni tí kò yáwó rí láyé rẹ̀ ni mo ṣe padà sílé.

Nígbà tí àbúrò ìyàwó mi ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ọ̀nà kan ti ṣí. Tóóró ni ọ̀nà náà, ọ̀pọ̀ àwọn ará wa kò sì mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n tán, wọ́n tún ṣì í gbà, torí ohun tó yẹ kí wọ́n tún ṣe ní Nàìjíríà ni wọ́n fi sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n dé ìhín. Ohun tí èmi àti àbúrò wa yìí ṣe ni mo fẹ́ fi tọ́ yín sọ́nà. Nọ́ọ̀sì ni, Ìbàdàn ló ti wá, ó sì bá ìwé ìgbélùú wọlé.

Ohun tó ń kọjá ààlà, àti ohun tí kì í kọjá

Ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́ta ló ń kọ àkọsílẹ̀ gbèsè gbogbo èèyàn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà: Experian, Equifax àti TransUnion. Orúkọ kan náà yìí lẹ máa bá ní ìlú Ọba. Ìyẹn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí àwọn bá ti ní fáìlì tó dára lọ́dọ̀ Experian ní Lọ́ńdọ̀nù, Experian ti Amẹ́ríkà á rí i. Kò rí i. Fáìlì orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dá dúró ní tirẹ̀, lábẹ́ òfin tirẹ̀. Ti Nàìjíríà tilẹ̀ tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí BVN ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀ níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà Sósíà Sikiọ́rítì, tí àwa níbí ń pè ní sósíà, ni Amẹ́ríkà ń lò. Kò sí ohunkóhun tó so nọ́ńbà méjèèjì pọ̀.

Ẹni tó ń so wọ́n pọ̀ ni ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2016, Nova Credit. Bí ẹ bá fún wọn láṣẹ, wọ́n á béèrè àkọsílẹ̀ yín lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tí ẹ ti wá, wọ́n á tún un tò lọ́nà tí ayánilówó Amẹ́ríkà lè kà, wọ́n á sì fi lé e lọ́wọ́. Credit Passport ni wọ́n ń pe ìwé náà. American Express bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní 2019, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi kún un. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa nìyí. Credit Passport dà bí onígbọ̀wọ́ tó sìn yín dé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, tó jẹ́rìí yín fún onílé, tó sì padà lọ. Ayánilówó tó béèrè rẹ̀ nìkan ló rí i. Kò wọ inú fáìlì Experian tàbí ti àwọn méjì yòókù. Bí ẹ bá lọ bá báńkì mìíràn ní ọjọ́ kẹta, òfìfo ni wọ́n máa bá. Nítorí náà, ohun tí àkọsílẹ̀ ti ilé ń rà fún yín ni káàdì àkọ́kọ́, pẹ̀lú gbèdéke tó nítumọ̀, ìyẹn iye tó pọ̀ jù tí ẹ lè ná lórí rẹ̀, láìfi owó ìdógò sílẹ̀. Káàdì yẹn ló máa wá máa kọ àkọsílẹ̀ tuntun lóṣooṣù. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní máa gbé ìwé Nàìjíríà kiri láti báńkì dé báńkì bí mo ti ṣe.

Oṣù mẹ́ta kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àkọsílẹ̀ yín lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà: CRC Credit Bureau, FirstCentral àti CreditRegistry. Òfin ọdún 2017 lórí àkọsílẹ̀ kírẹ́dítì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dà kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún. Ẹ má fi ti ẹyọ kan mọ, torí ohun tí báńkì yín fi ránṣẹ́ sí ọ̀kan lè má sí lọ́dọ̀ èkejì.

Ẹ lè rí i pé òfìfo ni ìwé náà. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ẹni tó ti ń gba owó oṣù sínú báńkì fún ọdún mẹ́wàá, tó ń fi káàdì ATM ra epo àti oúnjẹ, lè má ní àkọsílẹ̀ kankan, torí owó ara rẹ̀ ló ń ná, kò yá ti ẹnikẹ́ni. Àjọ kì í sí níbẹ̀. Owó tí ẹ yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ kì í sábà sí níbẹ̀, bó ti wù kí ẹ san án déédéé tó. Bí ó bá ku oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó rìn, ẹ yá owó kékeré kan lọ́wọ́ báńkì tó ń gba owó oṣù yín, kí wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó oṣù títí yóò fi tán. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ fi sílẹ̀. Gbèsè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ, tí a kò tíì san, kò lè jẹ́rìí ẹnikẹ́ni.

Bí ìwé náà kò bá ṣófo, ẹ wo ipò gbèsè kọ̀ọ̀kan. Gbèsè tó bá ti kọjá ọjọ́ 90 láìjẹ́ pé wọ́n san án, wọ́n á pè é ní èyí tó ti bàjẹ́. Ohun tí àwa bá nínú ti àbúrò wa nìyí: owó kan tó yá lọ́wọ́ báńkì fún oṣù méjìdínlógún, tí ó ti san tán, tó mọ́ tónítóní, àti náírà 15,000 láti áàpù ayánilówó kan ní 2021, tó wà níbẹ̀ bíi pé kò san kọ́bọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti san án kẹ̀!”

Òótọ́ ló sọ. Ìwé báńkì rẹ̀ fi hàn pé owó náà jáde, àmọ́ àwọn tó ni áàpù náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti wọlé. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bá jà lórí irú èyí. Ayánilówó ni kí ẹ lọ bá, kí ó fún yín ní lẹ́tà pé ẹ kò jẹ òun ní gbèsè mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi lẹ́tà náà àti ìwé báńkì tó fi ọjọ́ ìsanwó hàn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí àṣìṣe náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni tirẹ̀ gbà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì lọ sórí lẹ́tà áàpù. Ìdí nìyí tí mo fi ní oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú tán, tí láìnì Nàìjíríà yín kú, tí ẹ kò lè dé ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni, ohun tó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lè gba ọdún kan.

Orúkọ wa

Ibí yìí ló ti ń bàjẹ́ jù fún ọmọ Yorùbá. Ẹ wo bí orúkọ ẹnìkan ṣe lè rìn: ó di Olúwatóyìn nínú ìwé ìbí, Tóyìn ní báńkì àkọ́kọ́, orúkọ àárín di orúkọ iwájú lórí BVN, orúkọ ọkọ sì wà lórí pásípọ́ọ̀tù nígbà tí ti bàbá ṣì wà ní báńkì. Gbogbo ará àdúgbò mọ̀ pé èèyàn kan ni. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Nígbà tí Nova Credit bá ń wá yín, orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni wọ́n á fi wá, ohun tó sì wà lórí BVN ni àkọsílẹ̀ yín so mọ́.

Pásípọ́ọ̀tù ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, torí òun ni Amẹ́ríkà máa kọ sórí gbogbo ìwé yín. Ẹ mú BVN bá a mu. Fún ìyípadà orúkọ lẹ́yìn ìgbéyàwó, báńkì sábà máa ń béèrè ìwé ìgbéyàwó àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Ti ọjọ́ ìbí gba ìṣọ́ra púpọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbà kí ẹ tún un ṣe lórí BVN, nítorí náà ẹ rí i pé ohun tí ẹ fẹ́ kọ ló wà lórí pásípọ́ọ̀tù lóòótọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí BVN bá ti tọ́, ẹ tún padà gba ìwé àkọsílẹ̀ yín wò, kí ẹ rí i pé orúkọ tuntun ti dé ibẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí ẹ bá ti kọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa kọ ọ́ níbi gbogbo. Ẹ má kọ Oluwatoyin sí báńkì, kí ẹ wá kọ Toyin sínú ìwé ilé.

Bí gbèsè bá ṣì wà nílẹ̀

Àwọn kan máa ń fọkàn sí i pé bí àwọn bá ti kọjá òkun, gbèsè Nàìjíríà ti parí. Láti 2020 ni báńkì àgbà ti fún àwọn ayánilówó láṣẹ láti yọ owó tí èèyàn jẹ wọ́n nínú àkáǹtì èyíkéyìí tó so mọ́ BVN rẹ̀, ní báńkì yòówù kí ó wà. Owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ara yín fún ìyá yín lè bá ibẹ̀ lọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tí gbèsè bá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ ni pé kó san án, kó gba lẹ́tà.

Àmọ́ ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, tí kò sì lè tún un ṣe báyìí, ẹ má fipá mú ara yín lo Credit Passport. Kò pọn dandan. Àṣẹ yín ni wọ́n fi ń mú un wá. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní òfìfo ní Amẹ́ríkà sàn ju ẹni tó mú ẹlẹ́rìí tó máa ta kò ó wọlé lọ, ọ̀nà tó sì wà fún ẹni òfìfo ni mo máa sọ láìpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́

Ẹni tó bá gba ìwé ìgbélùú láti ilé, bíi ti àbúrò wa, fọ́ọ̀mù DS-260 tó kún ní ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá kí wọ́n ṣe sósíà fún un. Bí ó bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, káàdì náà á bá a nílé, nígbà púpọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti rí iṣẹ́ tí ìwé rẹ̀ gbà láyè, bíi iṣẹ́ inú ọgbà ilé-ìwé, kí ó tó lè lọ béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ ẹbí, ẹ lẹ orúkọ yín mọ́ àpótí lẹ́tà, torí lẹ́tà tí kò bá bá orúkọ tó mọ̀, agbélẹ́tà lè dá a padà.

Bí sósíà bá ti dé, ẹ ṣí àkáǹtì báńkì, ẹ ní láìnì fóònù lórúkọ ara yín, kí ẹ sì ní àdírẹ́sì kan tí ẹ kò ní yí padà láàárín oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí ojú ìwé American Express, kí ẹ yan káàdì tí kì í gba owó ọdọọdún, kí ẹ sì kún fọ́ọ̀mù náà. Ibi tí wọ́n á ti béèrè bóyá ẹ fẹ́ lo àkọsílẹ̀ láti orílẹ̀-èdè mìíràn máa yọ síwájú yín fún ẹni tí wọn kò bá fáìlì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ kọ́kọ́ wo àtòkọ orílẹ̀-èdè, kí ẹ rí i pé Nàìjíríà ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ń kún un, kí ẹ yàn án, kí ẹ sì tẹ ohun tí wọ́n béèrè bó ṣe wà ní ilé gẹ́lẹ́.

Èsì méjì tí kò dùn ló lè wá, wọn kò sì jọra. Bí wọ́n bá sọ pé àwọn kò rí àkọsílẹ̀ yín, orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ yín. Bí wọ́n bá rí i, tí wọ́n sì kọ̀, òfin ní kí wọ́n kọ̀wé sí yín láàárín ọjọ́ 30. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀. Ẹ ka lẹ́tà yẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa máa ń jù ú nù pẹ̀lú ìbínú, wọ́n á sì lọ béèrè káàdì ní báńkì mẹ́rin mìíràn lọ́sẹ̀ kan náà. Bí wọ́n ti ń béèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń wọ inú fáìlì tí kò tíì ní ohun mìíràn nínú, ọdún méjì ni yóò sì fi wà níbẹ̀.

Ti àbúrò wa yọrí. Gbèdéke dọ́là 1,000 ni wọ́n fún un, ní oṣù kejì ọdún, ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tó balẹ̀.

Bí ilẹ̀kùn kò bá ṣí

Ẹ gba káàdì ìdógò. Ẹ máa fi dọ́là 200 tàbí 300 sílẹ̀ lọ́dọ̀ báńkì, wọ́n á sì fún yín ní káàdì tí gbèdéke rẹ̀ tó iye yẹn. Owó náà ṣì jẹ́ tiyín. Wọ́n á dá a padà bí ẹ bá ti lò ó dáadáa fún oṣù bíi mélòó kan, tàbí bí ẹ bá pa káàdì náà dé láìjẹ gbèsè. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè kí ẹ tó fi owó sílẹ̀: ṣé ẹ ń fi ìròyìn káàdì yìí ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Bí wọn kò bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, owó yín kàn dùbúlẹ̀ sọ́dọ̀ wọn lásán ni.

Èyí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó kàn ń gba sùúrù ni, gbèdéke kékeré sì máa ń di ìdẹkùn fún ẹni tí kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí.

Ọjọ́ tí ìròyìn ń lọ

Ọjọ́ pàtàkì méjì ni káàdì ní lóṣù. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pa ìṣirò oṣù dé. Ọjọ́ kejì, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ 21 lẹ́yìn èyí, ni owó gbọ́dọ̀ ti wọlé. Ọjọ́ kejì ni gbogbo èèyàn ń ṣọ́. Àmọ́ iye tó bá wà lọ́rùn yín lọ́jọ́ tí wọ́n pa ìṣirò dé ni wọ́n sábà ń fi ránṣẹ́ sí Experian àti àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ ní káàdì ìdógò dọ́là 300, ẹ fi ra oúnjẹ àti epo ọkọ̀ títí ó fi di 240. Ẹ san gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ, ẹ kò san èlé kankan, ọkàn yín balẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó wọ inú fáìlì yín ni pé ẹ ń lo 80 nínú 100 gbèdéke yín, ojú ẹni tí owó ń há lọ́fun ni ẹ̀rọ á sì fi wò yín. Nísinsìnyí, ẹ san 220 ní ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó pa ìṣirò dé, kí ó ku 20. Ohun tó máa wọ inú fáìlì ni 20 nínú 300, ìyẹn bíi 7 nínú 100. Ẹ wá san 20 tó kù lọ́jọ́ tó yẹ. Owó tí ẹ ná kò yí padà, èyí tí ẹ san kò yí padà, ọjọ́ nìkan ló yí.

FICO ni máàkì tí ọ̀pọ̀ ayánilówó ń wò, láti 300 dé 850. Nínú ìṣirò rẹ̀, sísan gbèsè lásìkò gba 35 nínú 100, iye tí ẹ ń jẹ sì gba 30. Méjèèjì wà lọ́wọ́ yín láti oṣù àkọ́kọ́. Ti àkókò kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: fáìlì gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì kan tó ti pé oṣù mẹ́fà kí FICO tó lè fún un ní máàkì rárá. Ẹ má dààmú bí ẹ bá wò ó ní oṣù kẹta tí ẹ kò rí nǹkan.

Bí owó bá pẹ́, ẹ san án kí ó tó pé ọjọ́ 30. Wọ́n lè bu owó ìtanràn lé yín lórí, àmọ́ kò ní wọ inú fáìlì. Bí ó bá ti kọjá ọjọ́ 30 tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, ọdún méje ni ó máa fi wà níbẹ̀. Ẹ ní kí báńkì máa san iye tó kéré jù fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, kí ẹ wá máa fi ọwọ́ ara yín san èyí tó kù.

Owó ilé, àti àwọn tó ń ta nọ́ńbà

Owó ilé tí ẹ ń san kì í wọ inú fáìlì fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn onílé fi ìròyìn yìí ránṣẹ́ ni Esusu, tí Abbey Wemimo, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Èkó, àti Samir Goel dá sílẹ̀ ní 2018. Èsúsú tiwa ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, inú mi sì máa ń dùn nígbàkígbà tí mo bá rí i lórí ìwé ilé ẹnìkan. Onílé ló gbọ́dọ̀ forúkọ ilé sílẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Bí onílé bá ń fura sí yín torí pé ẹ kò ní fáìlì, lẹ́tà iṣẹ́ tó sọ iye tí wọ́n ń san fún yín àti owó ìdúró tó pọ̀ díẹ̀ ni ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn jù.

Ẹnìkan á sọ fún yín, nínú ìjọ tàbí níbi àríyá, pé òun mọ ẹni tó ń ta nọ́ńbà mẹ́sàn-án kan tí wọ́n ń pè ní CPN, tí ẹ lè lò dípò sósíà láti gba káàdì ńlá. Ẹ sá fún un. Kò sí ìjọba tó ń fúnni ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Sósíà ọmọdé tàbí ti òkú ni wọ́n sábà máa ń jí, ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba àpapọ̀ sì ni kí ẹ fi í sínú fọ́ọ̀mù ayánilówó. Fún ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì yanjú, nǹkan tó lè tinú rẹ̀ jáde kọjá ọ̀rọ̀ káàdì.

Ẹ̀yin tó jẹ́ ìlú Ọba lẹ ń lọ, ọ̀nà tiyín yàtọ̀, àmọ́ ohun kan wà tó yẹ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé láti gbé níbẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, torí pé orílẹ̀-èdè wa wà nínú ẹgbẹ́ Kọ́mọ́níwẹ́ẹ̀tì. Ìwé olùdìbò yẹn ni àwọn ayánilówó ibẹ̀ fi ń mọ̀ pé àdírẹ́sì yín dájú. Ọ̀fẹ́ ni.

Oṣù keje

Ní oṣù kẹjọ ọdún ni káàdì àbúrò wa pé oṣù mẹ́fà. Ní oṣù kẹsàn-án, a jọ jókòó sídìí tábìlì ìdáná, a ṣí AnnualCreditReport.com, níbi tí èèyàn ti lè wo ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a sì kà wọ́n láti ìlà kan dé èkejì. Méjì mọ́. Nínú ẹ̀kẹta, a bá gbèsè mọ́tò tí kò mọ̀ rí.

Ìbejì ni àbúrò wa yìí. Kẹ́hìndé ni, Táíwò rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ dé Houston ní ọdún kan, ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Orúkọ ìdílé kan, ọjọ́ ìbí kan, àdírẹ́sì kan. Ilé-iṣẹ́ náà ti da fáìlì ọmọ ìyá méjì pọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ ìbejì, tàbí bàbá àti ọmọ tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan, ẹ máa fi ojú sí èyí. Àmì rẹ̀ ni àkáǹtì tí ẹ kò ṣí rí, tàbí orúkọ àárín tí kì í ṣe tiyín lábẹ́ orúkọ yín.

Lẹ́tà ni a kọ, kì í ṣe ìpè. A fi ẹ̀dà káàdì sósíà àwọn méjèèjì àti ti pásípọ́ọ̀tù wọn sí i, a ṣàmì sí ìlà tó wà ní àṣìṣe, a sì fi ránṣẹ́ lọ́nà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á. Òfin fún wọn ní ọjọ́ 30 láti wádìí kí wọ́n sì fèsì. Ní ọjọ́ 24, ìwé tuntun dé: gbèsè mọ́tò náà ti kúrò lọ́rùn Kẹ́hìndé, ó wà lọ́dọ̀ Táíwò tó ni ín.